Àyè Àǹtí Fèyíkẹ́ Nínú Fọ́tò

"Èèyàn mọ́kànlá ni mo kà," ni Màmá wí. Ó tún fi ìka tọ ojú fọ́tò náà láti òpin kan dé òpin kejì. "Àkọ́bí mi kò sí níbẹ̀. Mi ò lè gbé e kọ́ ògiri bẹ́ẹ̀."

Motúnráyọ̀ ń bu ìrẹsì fún un lọ́wọ́. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Èwo tún ni èyí? Òun ló gba gbogbo ẹbí sí ilé rẹ̀ ní Rosettenville, nílẹ̀ òkèèrè, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Òun ló wa mọ́tò lọ sí pápákọ̀ òfurufú lẹ́ẹ̀mẹrin láti lọ pàdé wọn, tó gbé yàrá rẹ̀ sílẹ̀ fún Màmá, tó ń sùn lórí àga ní pálọ̀. Màmá kò tíì sọ pé fọ́tò náà dára. Ojú Fèyíkẹ́, àkọ́bí rẹ̀ tí kò wá, ló ń wá kiri.

Fèyíkẹ́ kò sì kọ̀ láti wá o, ká sọ òótọ́. Nọ́ọ̀sì ni ní Scotland. Ó fi ìwé ìrìnnà rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè bá a ṣe tuntun, wọn kò sì dá nǹkan kan padà títí ìpàdé ẹbí fi kọjá. Motúnráyọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú ń bí i náà ni. Nígbà tí Fèyíkẹ́ wà nílé, Fèyíkẹ́ ni Màmá ń pè. Nígbà tó kúrò nílé, orúkọ rẹ̀ náà ni Màmá ń pè. Owú ni, ẹ má jẹ́ ká fi nǹkan kan bò ó. Obìnrin ọdún mẹ́rìnlélógójì ń jowú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí fọ́tò.

Màmá ní wọ́n lè fi ojú ẹni tí kò sí níbẹ̀ sí i, pé ìdílé kan ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ní Iléṣà ṣe é fún ọmọ wọn tó wà ní Kánádà. Ọjọ́ Sátidé ni bàálù òun. Kí Motúnráyọ̀ bá onífọ́tò sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù Túbọ̀sún ní Hillbrow. Túbọ̀sún ló ya fọ́tò náà ní ẹ̀yìnkùlé, ó sì gbé e jáde lójú kọ̀ǹpútà. Ó ní iṣẹ́ náà kò le. Àyè wà lẹ́yìn, níbi tí àwọn ọkùnrin dúró sí.

Motúnráyọ̀ ní Màmá kò gbà bẹ́ẹ̀. Màmá ní àkọ́bí òun kò ní dúró lẹ́yìn bí àlejò, ọwọ́ ọ̀tún òun ló máa jókòó sí.

Túbọ̀sún wo fọ́tò, ó wo Motúnráyọ̀. "Eish. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, mà. Mo máa ní láti sún yín sí ìparí bẹ́ǹṣì, kí n wá fi àǹtí yín sáàárín ẹ̀yin àti Màmá. Ọwọ́ Màmá tó wà lórí orúnkún yín yìí, orúnkún tiwọn ló máa bọ́ sí."

Motúnráyọ̀ kò tíì kíyè sí ọwọ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó ṣe é bíi pé kó gbá kọ̀ǹpútà náà mọ́ra kó sá lọ.

Túbọ̀sún ní òun kò ní fọwọ́ kan ojú ẹnikẹ́ni láìrí ìyọ̀ǹda rẹ̀ lórí ìwé. Lọ́dún tó kọjá, òun fi ojú ọkùnrin kan sínú fọ́tò ẹbí tó ti bá jà, ọkùnrin náà sì wá fa wàhálà ní ṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà, kí ìwé sọ ibi tí wọ́n máa fi ẹni náà sí, ẹni tó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn tó máa rí fọ́tò náà, àti bóyá wọ́n máa gbé e sórí ìkànnì. Kí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé ńṣe ni wọ́n fi í kún un. Kí ẹni náà rí iṣẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí ó sì lè yí ọkàn padà. Fọ́tò tó bá fi ránṣẹ́, kó jókòó, kí wọ́n rí i dé orúnkún, kí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé wá láti ọwọ́ òsì rẹ̀, torí ọ̀hún ni oòrùn wà lọ́jọ́ yẹn. Kó má fi fóònù mú ojú rẹ̀ dán.

Ọdún kẹrìnlá rèé tí Motúnráyọ̀ ti ń kọ lẹ́tà sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì tó wà ní Auckland Park. Ó mọ lẹ́tà tí èèyàn máa kà tí á fi gbà, ó sì mọ èyí tí á kà tí á fi kọ̀. Ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, ó kọ gbogbo ohun tí Túbọ̀sún là sílẹ̀ sínú lẹ́tà sí Fèyíkẹ́, kò yọ ọ̀kan. Ohun kan ṣoṣo ló fi pamọ́: kò sọ pé Màmá ló bèèrè. Ó kọ ọ́ bíi pé èrò tirẹ̀ ni. Láti ìgbà tí wọ́n sin bàbá wọn, òun àti Fèyíkẹ́ kò sọ̀rọ̀ ju ẹ kú ọdún lọ. Fún Màmá, Fèyíkẹ́ á gbà kíá. Fún òun, á kọ̀. Ó fi kádìí rẹ̀ pé bí àǹtí òun kò bá fẹ́, kò ní dun ẹnikẹ́ni. Ó fi í ránṣẹ́, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, èsì wọlé, fọ́tò mẹ́ta sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Fèyíkẹ́ jókòó lórí àga ìjẹun, ìmọ́lẹ̀ wá láti ọwọ́ òsì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Ó ti dirun tuntun. Ó ti hu ewú díẹ̀.

"Motún, mo gbà. Ká ní Màmá ló bèèrè ni, ǹ bá ti kọ̀, torí ohun tí Màmá fẹ́ ni kí a pé lójú aráyé, bóyá a ń bára wa sọ̀rọ̀ àbí a ò bára wa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ lo bèèrè. O ò pè mí wá jókòó tì ọ́ rí láyé yìí. Èmi ni Màmá ń pè lórí fóònù, ìwọ ló ń wọ bàálù wá bá. Mo ti jowú rẹ títí. O ṣé."

Motúnráyọ̀ kà á nínú mọ́tò níbi ìgbọ́kọ̀sí, kò sì lè sọ̀ kalẹ̀. Túbọ̀sún pè. Ó ní bí ìwé bá ti dé, shap, ó ti dára, kí wọ́n fi ránṣẹ́ kíá, òun á tẹ̀ ẹ́ lọ́la. Ìwé ti dé. Orúkọ wà níbẹ̀, ìyọ̀ǹda wà níbẹ̀. Ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n ojú ń ti Motúnráyọ̀ débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ẹlòmíì ni Fèyíkẹ́ gbà fún, àbúrò kan tí kò sí níbì kankan.

"Ẹ ní sùúrù fún mi dọ̀la," ló sọ fún Túbọ̀sún.

Ó pe Màmá nílé. Ó ní Àǹtí Fèyíkẹ́ gbà, àmọ́ ó ku nǹkan kan tí òun gbọ́dọ̀ sọ fún un kí wọ́n tó ṣe é, ó sì ṣeé ṣe kó yí ọkàn padà. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í bú sẹ́kún pé Sátidé ti dé tán.

"Màmá," ni Motúnráyọ̀ wí, "nígbà tí ẹ ń ka ojú wa, ṣé ẹ rí tèmi?"

Màmá fọn imú. "Ìwọ kọ́ ni mo gbọ́wọ́ lé ni?"

Motúnráyọ̀ dágbére. Ó ṣí lẹ́tà tuntun lórí fóònù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ó pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló fi ránṣẹ́:

"Àǹtí mi, Màmá ló ní kí n kọ ìwé àkọ́kọ́. Mo fi í pamọ́ fún yín torí mo fẹ́ kí ẹ kọ̀. Ìyọ̀ǹda yín kò tíì kúrò lọ́wọ́ mi, ẹ lè gbà á padà, kò sẹ́ni tó ti fọwọ́ kan ojú yín. Èyí tí ẹ ń kà yìí, èmi ni mo kọ ọ́. Mo ń jowú yín, ó ti pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó tì mí."