Orúkọ Ta Ló Wà Lórí Láìnì Mi?

Oníbọ́tìnnì ni mo fẹ́ pè lárọ̀ ọjọ́ náà. Dípò kí fóònù dún, ohùn obìnrin kan ló sọ fún mi pé wọ́n ti dènà ìpè mi, kí n lọ so láìnì náà pọ̀ mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ mi. Ó yà mí lẹ́nu. Ṣebí mo ti tẹ nọ́ńbà náà ránṣẹ́ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tí wọ́n sì fèsì pé, "A ti gbà á"? Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, àwọn tó ń pè mí gan-an kò rí mi bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyẹn ló lé mi dìde. Aránṣọ ni mí, ọdún mẹ́fà ni àwọn oníbàárà mi ti fi mọ nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn. Ẹni tó bá pè lẹ́ẹ̀mejì tí kò wọlé, aránṣọ mìíràn ni yóò wá lọ.

Mo jókòó sórí àga oníke ní ọ́fíìsì àwọn oníláìnì títí ó fi kàn mí. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà tẹ nọ́ńbà mi, ó tún tẹ ti ìdánimọ̀, ó wá fún ètè pọ̀.

"Àǹtí, kò bára mu."

"Ẹ ti gbà á o. Ẹ̀yin lẹ fèsì."

"Ó tẹ̀ wá lọ́wọ́ ni, mà. A ò tíì gbà pé òótọ́ ni. Ìyẹn yàtọ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ta ló forúkọ sílẹ̀ fún láìnì yìí?"

"Ọkọ mi ló rà á fún mi kí a tó ṣègbéyàwó."

"Obìnrin ni mo rí níbí, kì í sì í ṣe ẹ̀yin."

Mo béèrè orúkọ. Ó ní òun ò lè dárúkọ oníláìnì fún ẹlòmíràn. Ẹni náà ni kó wá fúnra rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, kó tẹ̀ka, kó sì fọwọ́ sí i pé òun fi láìnì náà fún mi, àwọn á wá fi tèmi so ó. Tí kò bá wá, dídènà ni yóò wà, tó bá sì pẹ́, wọ́n lè gba nọ́ńbà náà tà fún ẹlòmíràn.

Ọ̀nà ilé jìn lójú mi. Obìnrin wo? Gbogbo obìnrin tó ti rẹ́rìn-ín sí ọkọ mi rí ni mo tò lẹ́sẹẹsẹ.

Fíríìjì ni ọkọ mi ń tún ṣe nígbà tí mo dé. Mi ò pariwo, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pariwo.

"Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ ta lẹ fi ra láìnì mi?"

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ìyàwó ni."

"Ìyàwó wo?"

"Ìyàwó náà kẹ̀! Mi ò ní káàdì kankan lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, òun ló bá mi lọ, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ."

Nílé wọn, ẹnì kan ṣoṣo ló ń jẹ́ Ìyàwó: ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó wọlé ṣáájú mi. Èmi, Ìyàwó Kékeré ni mí. Ì bá sàn kó jẹ́ obìnrin àjèjì, ǹ bá mọ ohun tí mo fẹ́ bínú sí. Nọ́ọ̀sì ni obìnrin yìí, ó ga, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Òun ló yan ilé tí a ń gbé. Òun ló kọ́kọ́ mọ̀ pé mo lóyún, kí èmi gan-an tó mọ̀. Tí ìyá ọkọ mi bá ń ṣàìsàn, ó lè jẹ́ èmi ni mo jókòó tì í, síbẹ̀ yóò ní, "Ìyàwó dà?" Àṣé ohun tí mo pè ní tèmi, tí mo fi ń jẹun, orúkọ rẹ̀ ló wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi dákẹ́. Mo tilẹ̀ ra síìmù tuntun, wọ́n fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ mi so ó wéré. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ ọ́n? Oníbàárà kan rìn dé ṣọ́ọ̀bù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lérí.

"Háà! O wà láyé? A ti ní o ti kó lọ. Ọ̀rẹ́ mi ti gbé aṣọ tirẹ̀ fún aránṣọ oníjà-ẹnu òdìkejì yẹn."

Mo wọ bàtà, mo lọ bá Ìyàwó.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ọjọ́ mélòó?" ni ó wí. "O ò lè tètè sọ fún mi?" Ó ti gbé báàgì kí n tó parí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń sún mọ́ ọ́fíìsì náà ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń dín kù. Mo rò pé oòrùn ni.

Ọmọbìnrin ọjọ́sí ló tún dá wa lóhùn. Ìyàwó sọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó tẹ̀ka. Ọmọbìnrin náà wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ojú rẹ̀.

"Orúkọ àbísọ bára mu, ọjọ́ ìbí bára mu. Orúkọ ìdílé ni kò bára mu, mà. Orúkọ ọkọ lẹ fi ra láìnì, orúkọ bàbá lẹ sì fi gba nọ́ńbà ìdánimọ̀. Ẹ mú ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó yín wá, a ó fi ṣe é."

Ìyàwó ń wo èékánná rẹ̀. "Mi ò ní," ni ó wí, jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ṣé ó sọnù ni, mà?"

"Kò sí rí."

Màá sọ òótọ́: inú mi kọ́kọ́ dùn. Ó dùn débi pé mo ní láti wo ilẹ̀. Èmi àti ọkọ mi ti fọwọ́ síwèé ní rẹ́jísírì, ìwé wa wà nínú àpótí mi.

Ọmọbìnrin náà ní kí a lọ búra ní kóòtù pé ẹnì kan náà ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì. Lórí bẹ́ǹṣì ìta kóòtù ni Ìyàwó ti sọ̀rọ̀, kò wojú mi.

"Ọdún mọ́kànlá. Gbogbo ìgbà ni ọkọ mi ń ní a ó fọwọ́ síwèé lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ gba nọ́ńbà, wọ́n ní kí n mú ìwé tó fi hàn pé orúkọ ọkọ lèmi ń jẹ́. Mo padà sí ti bàbá mi. Lọ́jọ́ tí ẹ̀yin lọ sí rẹ́jísírì, èmi ni mo di gèlè fún ọ, àbí? Mo dé ilé, mi ò lè jẹun." Ó rẹ́rìn-ín. "Mo jowú rẹ, ọmọ yìí. Ó pọ̀ jù."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n ra omi wá."

Ó búra, wọ́n lu òǹtẹ̀, a padà, ó fọwọ́ sí i fún mi. Lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, wọ́n ṣí láìnì mi. Òun ni mo kọ́kọ́ pè.

"Ó ti wọlé?"

"Ó ti wọlé, mà."

"Ṣé o ti sọ fún wọn nílé?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹ̀rọ wọn ló ń ṣe ségesège, ìyẹn ló jẹ́ kó pẹ́."

"O ṣeun," ni ó wí, mo sì gbọ́ pé ó mí kanlẹ̀.

Mo gbọ́ ohun mìíràn pẹ̀lú. Ìyá ọkọ mi wọlé tọ̀ ọ́, ó ń sọ nǹkan kan fún un, ó ń rín ẹ̀rín tí kì í rín lọ́dọ̀ mi. Mo pa fóònù. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo rán etí aṣọ kan títí ó fi wọ́, mo tún tú u.