Wọ́n Ní Bàbá Fúnra Rẹ̀ Ló Pè

Nọ́ọ̀sì fi rúlà sábẹ́ ìlà kẹta nínú ìwé owó tí ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fi ránṣẹ́, ó sì ń ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí kì í gba ìṣirò ẹnikẹ́ni gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó fi èjìká há fóònù mọ́ etí. Orin tí ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fi ń dá oníbàárà dúró ti ń yí po láti ogún ìṣẹ́jú, orin kan náà, bí ẹni ń pọn omi sínú agbọ̀n.

Yàrá bàbá wọn ni wọ́n wà. Wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì jáde, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì tẹ̀ wọ inú kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì ọkùnrin, tó jẹ́ akọ̀wé ní kóòtù, jókòó sórí àpótí aṣọ, ó ń ká ṣẹ́ẹ̀tì olóògbé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kọ́là rẹ̀ ti gbó, ó ń jù ú sápá kan. Èyí tó ṣì dára, ó ń gbé e lé itan fúngbà díẹ̀ kó tó kà á mọ́ àwọn yòókù.

"Bọ̀dá, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣírò owó ìjáde yìí, tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá já àdéhùn kó tó pé," Nọ́ọ̀sì wí. "Oṣù mẹ́rìnlélógún ni àdéhùn bàbá. Oṣù mẹ́sàn-án ló ti lò. Ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọgbọ̀n pọ́n-ùn ni owó oṣù kan. Wọ́n yọ owó orí tó jẹ́ ti ìjọba kúrò, ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọ́n tún yọ méjì, nítorí pé wọn ò ní máa náwó lórí ìlà tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́. Ó ku mẹ́tàlélógún lóṣù. Ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Ọ̀ọ́dúnrún ó lé márùndínláàádọ́ta." Akọ̀wé kò gbé ojú sókè. "Mo ti rí i."

"Ẹ rí àròpọ̀ ni, ẹ ò rí àṣìṣe. Wọ́n ti kọ́kọ́ gba ọgbọ̀n fún oṣù ìkìlọ̀, ìyẹn oṣù kan tó gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn tí èèyàn bá ti ní òun ń lọ. Oṣù ìkìlọ̀ yẹn wà nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù. Wọ́n gba owó oṣù kan lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́rìnlá ló yẹ kí wọ́n kà."

"Mẹ́tàlélógún péré lo máa rí gbà nínú ìyẹn."

"Mo mọ̀."

Ohun tó kù lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ìsìnkú kò ju irínwó lọ. Òkúta ibojì ni wọ́n fi í pamọ́ fún. Agbẹ́kùúta ti ní kí wọ́n mú àádọ́ta-dín-nírínwó wá kí òun tó fọwọ́ kan irin iṣẹ́, kò sì gba àwìn, ó ní òkú kì í padà wá san gbèsè. Bí wọ́n bá san owó ìjáde yìí, pákó tí wọ́n fi ọ̀dà kọ orúkọ sí ni yóò máa dúró lórí bàbá wọn títí òjò yóò fi wẹ̀ ẹ́ nù.

"Ká ṣáà sọ pé íńtánẹ́ẹ̀tì náà kò yá," Akọ̀wé wí. "Gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Bó bá rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n tí wọ́n ṣèlérí lọ, tí a fi tó wọn létí, tí wọn ò sì tún un ṣe, a lè jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wà nínú ìwé. Bí wọ́n bá fowó lé e láìjẹ́ pé àdéhùn ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, a tún lè jáde. Ṣé bàbá pè wọ́n rí pé kò yá?"

"Bàbá? Ẹni tó ń kí ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn kú iṣẹ́ láràárọ̀?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Nọ́ọ̀sì, ó gbé e mì. "Nítorí náà ká má purọ́ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìlà kọkànlá nínú ìwé àdéhùn ni tiwa: bí ẹni tó ni àdéhùn bá kú, àdéhùn parí lọ́jọ́ tó kú, kò sí owó ìjáde. Bàbá kú lọ́jọ́ karùn-ún oṣù tó kọjá, ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méje. Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀."

Ọwọ́ Akọ̀wé dúró lórí bọ́tìnnì. Orin dákẹ́.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ má bínú pé a jẹ́ kẹ́ ẹ dúró." Ohùn ọ̀dọ́mọbìnrin ni. Nọ́ọ̀sì gbé fóònù sórí tábìlì, ó ṣí i kí àwọn méjèèjì lè gbọ́, ó béèrè orúkọ tí ọmọbìnrin náà ń jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó kọ ọ́, ó kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù tiwọn, ohun tí a kò bá kọ, kò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ro ẹjọ́ rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ kan ṣòfò: ọjọ́ tí àdéhùn bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí bàbá kú, ìlà kọkànlá, ìwé ẹ̀rí ikú tó dé lọ́sẹ̀ yìí.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀ mà," ọmọbìnrin náà wí. Bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà ń dún lọ́dọ̀ rẹ̀. "Ọjọ́ wo lẹ ní ó kú?"

"Ọjọ́ karùn-ún."

"Ẹ dárí jì mí mà. Ọjọ́ kọkàndínlógún ni wọ́n pè wá. Àwọn fúnra wọn ni. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ àṣírí, wọ́n sọ ọjọ́ ìbí. A béèrè ìdí tí wọ́n fi ń lọ, wọ́n ní àwọn ò nílò rẹ̀ mọ́ ni. A ka owó ìjáde fún wọn, wọ́n ní ó dáa. Bàbá fúnra wọn ló pè, mà."

Nọ́ọ̀sì ti fẹ́ sọ pé wọ́n ti da ìwé oníbàárà méjì pọ̀. Ó ti la ẹnu. Ìgbà náà ló wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì ti bọ́ lọ́wọ́ Akọ̀wé, ojú rẹ̀ sì ti di eérú.

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan, ẹ jọ̀wọ́," ó sọ fún fóònù. Ó tẹ ibi tí ohùn wọn kò ti ní jáde. "Bọ̀dá."

"Wọ́n ò dá mi lóhùn nígbà àkọ́kọ́," Akọ̀wé wí. "Mo ní ọmọ rẹ̀ ni mí, mo fẹ́ ti ìlà yìí. Wọ́n ní ẹni tó ni ín nìkan ló lè tì í. Wọn ò bi mí bóyá ó wà láàyè, èmi náà ò sì sọ. Ìwé ẹ̀rí ikú ò tíì jáde, owó sì ń lọ lóṣooṣù lórí òkú. Mo kàn fi fóònù sílẹ̀, mo tún un pè. Mo fa ohùn mi wálẹ̀."

"Ẹ fara wé bàbá?"

"Mo wúkọ́ díẹ̀. Mo pe ọmọ náà ní 'ọmọ mi'. Ó gbà á."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń mú àwọn èèyàn búra ní kóòtù láràárọ̀!"

"Àbúrò, má fi ata sójú egbò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká sọ pé íńtánẹ́ẹ̀tì kò yá. Ká kàn gba mẹ́tàlélógún yẹn, ká san ìyókù. Bó bá dé etí ọ̀gá mi pé mo pe ara mi ní ẹlòmíràn, iṣẹ́ tán. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ṣe níbẹ̀."

Nọ́ọ̀sì wo ìwé owó náà. Ọ̀nà méjì ló wà, ìṣirò wọn kò sì le. Bó bá jà lórí oṣù ìkìlọ̀, yóò rí ìwọ̀nba díẹ̀ gbà, àṣírí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò bò, òkúta yóò sì di ẹ̀yìn ọ̀la. Bó bá jà lórí ikú, ó gba pé kí ẹnìkan sọ ẹni tó pè. Ó lè fi lẹ́tà ránṣẹ́, ó lè dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kó gbé e lọ sọ́dọ̀ onílàjà tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n onílàjà náà yóò ní kí wọ́n gbé ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ wá.

"Èmi kọ́ ni màá bá yín sọ ọ́," ó wí. "Ẹnu yín ló pè, ẹnu yín ló máa tú u. Bẹ́ ẹ bá ní ká san, màá san án lónìí, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀ mọ́ láé."

Kò pariwo. Ìyẹn ló dun Akọ̀wé jù. Ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń retí ìdájọ́, àwọn ṣẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ yí i ká. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́, ó tẹ fóònù kí ohùn wọn lè jáde.

"Ẹ ǹlẹ́ o. Èmi ni mo pè lọ́jọ́ kọkàndínlógún. Bàbá mi kọ́. Ó ti kú ọjọ́ mẹ́rìnlá ṣáájú. Èmi ọmọ rẹ̀ ni mo sọ pé èmi ni òun."

Ọmọbìnrin náà ní kí wọ́n dúró, òun fẹ́ gbọ́ ohùn ọjọ́ náà, òun sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn olóògbé. Orin náà tún bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Nọ́ọ̀sì mú ṣẹ́ẹ̀tì méjì, ó ká wọn tán.

"Mo ti gbọ́ ọ, sà," ọmọbìnrin náà wí nígbà tó dé. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Mo rò pé àgbàlagbà ni. Ẹ súre fún ẹni tó gbé fóònù náà níparí."

"Bàbá máa ń ṣe bẹ́ẹ̀," Akọ̀wé dáhùn. Ó fi ọwọ́ bo ojú.

Ọmọbìnrin náà ka ìpinnu ilé-iṣẹ́ fún wọn. Àdéhùn parí lọ́jọ́ karùn-ún. Owó ìjáde ti kúrò, bẹ́ẹ̀ náà ni ọgbọ̀n ti oṣù ìkìlọ̀. Owó ọjọ́ tó ṣẹ́kù nínú oṣù yẹn, wọn yóò dá a padà. Kí wọ́n fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ikú ránṣẹ́, kí wọ́n sì dá ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì padà kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò gba owó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "A gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, sà, pé kì í ṣe oníbàárà ló pè. Orúkọ yín yóò wà níbẹ̀."

"Ta ni yóò rí i?"

"Mi ò lè ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni ò ní rí i."

Akọ̀wé sọ orúkọ ara rẹ̀ ní kíkún, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, bó ti ń ní kí àwọn ẹlẹ́rìí ṣe. Nọ́ọ̀sì béèrè pé kí wọ́n fi gbogbo ohun tí wọ́n sọ ránṣẹ́ ní kíkọ kí ọjọ́ náà tó parí, ó sì kọ̀ láti fi fóònù sílẹ̀ títí lẹ́tà náà fi wọlé. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Odo ni owó tó kù.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Bọ̀dá," ó wí.

"Mo rò pé ara máa tù mí." Akọ̀wé ti tún gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan lé itan. "Ní ìṣẹ́jú méje tí mo fi fara wé bàbá lórí fóònù, wọ́n ń pè é lórúkọ, ó sì ń dáhùn. Ìgbà tí mo ní kí wọ́n ti ìlà náà ni mo tó mọ̀ pé ó ti lọ."

Kò sí oògùn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù tí Nọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó ka àádọ́ta-dín-nírínwó sínú àpò ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó sì bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bóyá yóò bá òun lọ sọ́dọ̀ agbẹ́kùúta. Akọ̀wé mi orí pé rárá. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, ṣọ́ọ̀bù náà kì í sì í kọjá aago márùn-ún. Nọ́ọ̀sì wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fa ilẹ̀kùn mọ́ra jẹ́jẹ́, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.