Ìdáhùn Tí Kò Ṣeé Dá Lẹ́bi

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà ọdún 2013, èmi àti Lusungu Mkandawire ṣe ìdánwò ìwé àṣẹ agbẹ̀bí ní ìlú Mzuzu. Ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyẹn. Ìgbà kẹta ni fún òun, kò sì sí ẹ̀kẹrin. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ agbẹ̀bí ti kéde pé ìwé ẹ̀rí àtijọ́ tó fi ń gbẹ̀bí láti ìgbà èwe rẹ̀ kò ní wúlò mọ́ lẹ́yìn ọdún náà. Bó bá yege, yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní ilé ìwòsàn wa ní Kavunguti. Bí kò bá yege, kò gbọdọ̀ gbẹ̀bí mọ́.

Orí àpò àgbàdo la jókòó sí nínú ọkọ̀ ẹrù tó gbé wa wá lọ́jọ́ tó ṣáájú. Òtútù mú débi pé ètè mi bẹ́. Okùn bàtà mi já lójú ọ̀nà, mo sì fi báńdéèjì so ó. Bàtà tí mo fi báńdéèjì so yẹn náà ni mo wọ̀ wọ gbọ̀ngán ìdánwò.

Nígbà tí a jáde, a ra mandasi méjì, ìyẹ̀fun tí wọ́n dín nínú òróró, ní ibùdókọ̀, a jókòó sórí ògiri kékeré kan láti dúró de ọkọ̀. Inú Àǹtí Lusungu dùn. Àǹtí ni mo máa ń pè é, nítorí òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń fọwọ́ gba ọmọ tuntun. Ó ní ìwé náà rọrùn, pé kò sí ìbéèrè kan tí òun kò mọ ohun tó dá lé. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ ìbéèrè ẹ̀jẹ̀.

Mo rántí ìbéèrè yẹn bí ó ṣe wà. Obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wọ́n ti fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ilé ọmọ le. Ibi ọmọ ti jáde, ó pé, ojú ara obìnrin náà kò sì ya. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ilé ọmọ rẹ̀ sì rọ̀ pẹ̀sẹ̀. O ti ké pe agbẹ̀bí ẹlẹgbẹ́ rẹ, ó ń bọ̀. Kí ni wàá kọ́kọ́ ṣe? Ìdáhùn márùn-ún wà nísàlẹ̀ rẹ̀: kí o gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó bá a mu, kí o fọwọ́ ra ilé ọmọ kíkankíkan títí yóò fi le, kí o fi rọ́bà fa ìtọ̀ rẹ̀, kí o wọn ìfúnpá rẹ̀, kí o ránṣẹ́ pe ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

“Ti àkọ́kọ́ ni mo mú,” ni Àǹtí Lusungu wí. “Ẹ̀jẹ̀ gbígbà.”

Mo jẹ mandasi mi. Ó bi mí pé kí lèmi mú. Mo ní mo mú ìkejì.

“O ò rò ó dáadáa, àbúrò,” ló wí. “Bí ibi ọmọ bá ṣẹ́kù síkùn ńkọ́? Bí ojú ara bá ya ńkọ́? Wàá máa ra ikùn, ẹ̀jẹ̀ á máa dà. Ìkejì yẹn kì í ṣe òótọ́ nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n ibi yòówù kí ẹ̀jẹ̀ ti wá, kò sí ẹni tó máa sọ pé kí o má gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò. Kò sẹ́ni tó lè dá a lẹ́bi.”

Mo fẹ́ sọ fún un pé ìbéèrè náà ti sọ pé ibi ọmọ pé, ó sì ti sọ pé ohunkóhun kò ya. Ilé ọmọ tó rọ̀ nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n ìdánwò ti parí, ọkọ̀ sì ń bọ̀. Mo gbé àpò rẹ̀ fún un.

Ohun tó ṣe yẹn kì í ṣe àìmọ̀kan. Ilé ẹ̀kọ́ tó lọ nígbà èwe rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, gbólóhùn márùn-ún máa ń wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì kọ “òótọ́” tàbí “irọ́” síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó bá ṣì í, wọ́n á yọ nínú máàkì rẹ̀. Nítorí náà wọ́n kọ́ láti mú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan dá dúró, kí wọ́n wá ibi tó ti lè jẹ́ irọ́ nínú rẹ̀. Àǹtí Lusungu ló ṣe ipò kìíní nínú kíláàsì rẹ̀. Kò sí ẹni tó tó o nínú wíwá àléébù ọ̀rọ̀.

Ìdánwò tuntun kò béèrè òótọ́ àti irọ́. Ọ̀gbẹ́ni Kaluluma tó kọ́ wa ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ṣáájú ìdánwò sọ ọ́ títí. Ó ní gbogbo ìdáhùn lè jẹ́ òótọ́, kí ọ̀kan ṣoṣo sì jẹ́ èyí tó tọ́ sí aláìsàn tó wà níwájú wa. Ó ní kí a fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwọn ìdáhùn, kí a ka ìbéèrè tán, kí a sọ ohun tí àwa fúnra wa máa ṣe, ká tó ṣí ọwọ́ kúrò láti wá a. Àwa tó kù ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àǹtí Lusungu kò ṣe é. Ó ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé oúnjẹ wá fún òun, tí Ọ̀gbẹ́ni Kaluluma sì ní kí òun di ojú kí òun tó jẹ ẹ́. Kíláàsì rẹ́rìn-ín, òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kan wà ní kíláàsì yẹn tí ìbéèrè dá lé ọmọ oṣù mẹ́jọ tó ń ṣu omi. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ó ń fi ìwọra mu omi, bí a bá fa awọ ikùn rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń padà. Àǹtí Lusungu mú oògùn síǹkì fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Àwa mú omi iyọ̀ àti ṣúgà, kí ọmọ náà máa mu ún lójú wa fún wákàtí mẹ́rin.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mavuto, tí ẹnu rẹ̀ mú, ní, “Àǹtí, òùngbẹ ń pa ọmọ kú lọ, ẹ̀ ń wá síǹkì.”

“Ṣé irọ́ ni síǹkì?”

“Kì í ṣe irọ́.”

“Ó dáa, jókòó nígbà náà.”

Ọ̀gbẹ́ni Kaluluma kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó ṣí ìwé sí ojú ewé tó tẹ̀ lé e.

Èsì jáde ní oṣù kẹjọ. Mo yege. Máàkì ìbéèrè kan péré ni Àǹtí Lusungu fi fìdí rẹmi. Kò sunkún. Ó ní òun mọ ìbéèrè náà, ìbéèrè ẹ̀jẹ̀ ni, pé ìdáhùn méjì ló tọ̀nà nínú rẹ̀, wọ́n sì máa mọ̀ pé àwọn ló ṣe àṣìṣe. Òfin ìgbìmọ̀ ni pé bí ìbéèrè kan bá ní ju ìdáhùn kan lọ tó tọ́, wọn yóò fún gbogbo ènìyàn ní máàkì rẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun lọ sí ọ́fíìsì ìgbìmọ̀. Mo yá bàtà lọ́wọ́ ìyàwó àbúrò mi.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Màdáámú Nyasulu ló gbà wá lálejò. Ó ti darúgbó díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì tútù. Òun pẹ̀lú ti gbẹ̀bí rí kó tó di ẹni tó ń kọ ìbéèrè ìdánwò. Ó fún wa ní tíì, ó sì ní kí Àǹtí Lusungu sọ̀rọ̀.

Àǹtí Lusungu sọ ọ́ dáadáa. Ó ṣàlàyé ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ gbígbà máa ń gba ẹ̀mí là. Ó dárúkọ obìnrin méjì ní Kavunguti tí ì bá kú bí kò bá jẹ́ pé a ti mọ irú ẹ̀jẹ̀ wọn kí ọkọ̀ tó dé. Ó ní bí màdáámú bá sọ pé ìdáhùn náà kò tọ̀nà, kí ó sọ ibi tí irọ́ wà nínú rẹ̀.

“Kò sí irọ́ nínú rẹ̀,” ni Màdáámú Nyasulu wí. “Kò sí irọ́ nínú ìkankan nínú márààrún. Bẹ́ẹ̀ la ṣe mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́. Èmi náà máa ṣe márààrún fún obìnrin yẹn.”

“Nígbà náà, ẹ fún mi ní máàkì mi.”

Màdáámú Nyasulu fa ìwé ìbéèrè náà súnmọ́ ọn. Ó gbé ọwọ́ lé àwọn ìdáhùn, kìkì ọ̀rọ̀ obìnrin aláìsàn ló hàn lókè. Ó ní kí Àǹtí Lusungu kà á jáde. Ó kà á.

“Ìyá, Kavunguti lo wà yìí,” ni Màdáámú Nyasulu wí. “Obìnrin náà rèé lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí lò ń ṣe?”

Àǹtí Lusungu kò ronú rárá. Ó ní, “Ọwọ́ mi ti wà níkùn rẹ̀. Mò ń ra á. Ikùn tó rọ̀ ló ń pa á, kí ni mo tún ń dúró dè?”

Màdáámú Nyasulu gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Mo wo tíì mi. Àǹtí Lusungu ka ìdáhùn kejì, ó padà lọ ka ọ̀rọ̀ obìnrin náà, ó tún ka ìdáhùn kejì. Ìka rẹ̀ dúró lórí ibi tí wọ́n kọ pé ibi ọmọ pé.

“Mo rí i níbí lọ́jọ́ yẹn,” ló wí. “Mo kà á. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn ìdáhùn, mo gbàgbé rẹ̀. Àwọn ìdáhùn yẹn ni mò ń dá lẹ́jọ́.”

“Mo mọ̀,” ni Màdáámú Nyasulu wí.

“Ẹ ti wá gbọ́ ọ lẹ́nu mi báyìí. Ẹ ti rí i pé mo mọ̀ ọ́n.”

“Mo rí i. Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo fẹ́ bímọ, ìwọ ni màá ní kí wọ́n pè fún mi. Ṣùgbọ́n ohun tí o kọ ni wọ́n fún mi láti wò. Ìbéèrè náà kò ní àṣìṣe. Ìwọ fúnra rẹ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn pé ìdáhùn kan ni ó ní.”

Mo sọ̀rọ̀ nígbà náà, èmi tí kì í sábà sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọ̀gá. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ibùsọ̀ tó wà láàárín Kavunguti àti ilé ìwòsàn ńlá pọ̀, àwa méjì péré la sì wà níbẹ̀. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní òun mọ ọ̀nà yẹn, pé ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí òun lè fi àánú fúnni ní ìwé àṣẹ, nítorí ẹlòmíràn máa wá lọ́la tí kò mọ ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe rárá, òun náà á sì ní kí wọ́n ṣàánú òun. Ojú rẹ̀ pọ́n nígbà tó ń sọ ọ́. Ó sìn wá dé ẹnu ọ̀nà.

Nínú ọkọ̀, Àǹtí Lusungu bi mí bóyá mo ti mọ̀ láti ọjọ́ ibùdókọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dára tí mi ò sọ ọ́, pé òun gbádùn mandasi yẹn.

Láti ìparí ọdún náà, ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì ni wọ́n gbé e lọ. Ó ń béèrè orúkọ àti abúlé lọ́wọ́ àwọn aboyún, wọn a sì kọjá sọ́dọ̀ mi. Ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, obìnrin méjì bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí pa pọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì dà lára àwọn méjèèjì lẹ́yìn tí wọ́n bímọ. Ọwọ́ mi wà níkùn ọ̀kan. Àǹtí Lusungu dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ ohun tó yẹ kí ẹni tó ń gbálẹ̀ ṣe fún ìkejì, òun fúnra rẹ̀ kò wọlé.

Orúkọ obìnrin kejì ni Tiwonge Luhanga. Ó kú. Ọmọ rẹ̀ yè.