Àtẹ Tí Kò Ní Pupa

Gbogbo ohun tí ó wà láyé ló ní ibi tí ó yẹ ẹ́, ó sì ní ohun tí kò gbọdọ̀ bá pàdé nínú yàrá kan náà. Ìdí nìyí tí ọmọ ènìyàn fi ń kọ nǹkan sílẹ̀: kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé ẹrù kalẹ̀ lè mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ láìṣí ìdérí rẹ̀. Bí ìkọ̀wé náà bá wá parẹ́, ohun kan ṣoṣo tí ó kù tí ó lè dáàbò bo ènìyàn ni kí ẹnì kan jẹ́wọ́ pé òun kò mọ̀. Irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ni obìnrin inú ìtàn yìí ṣe, tí wọ́n sì nù ún kúrò bí ẹni ń nu eruku orí àga.

Ọ́fíìsì kékeré kan lókè ilé ìtajà bàtà ni obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ wọn níbẹ̀ ni kí wọ́n gba fọ́tò ìwé àfọwọ́kọ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, kí wọ́n sì sọ ọ́ di àtẹ inú kọ̀ǹpútà, tí nọ́ńbà ẹrù, irú ẹrù, iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó wọlé yóò fi wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Onípupa ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ó dúdú bí kóró iṣin. Ohun tí ó sọ ọ́ ní orúkọ ni pé ibikíbi tí kò bá lè kà nínú fọ́tò, “KÒ ṢÉ KÀ” ni yóò kọ síbẹ̀, yóò sì fi àwọ̀ pupa kun àpótí náà. Kánmọ́, ọkùnrin tí wọ́n jọ jókòó sí yàrá kan, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá ní kí ó kọ orúkọ ọkọ rẹ̀, yóò kọ́kọ́ béèrè fọ́tò.

Iṣẹ́ tí ó dé lọ́sẹ̀ kan wá láti ilé iṣẹ́ kan tí ń ta ìyẹ̀fun kilorín tí wọ́n fi ń fọ omi adágún ìwẹ̀ mọ́. Òrùlé ilé ìkẹ́rùsí wọn ti ń jò tipẹ́. Omi ti bọ́ gbogbo bébà tí ó wà lára àgbá, nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sórí ìdérí nìkan ló kù. Ọkùnrin tí ó ń tọ́jú ẹrù níbẹ̀ ti kú. Ìwé ẹrù rẹ̀ nìkan ló lè sọ ohun tí ó wà nínú àgbá kọ̀ọ̀kan, omi sì ti wọ inú ìwé náà pẹ̀lú. Wọ́n wá ya ojú ewé rẹ̀ ní fọ́tò, nítorí wọ́n fẹ́ kó ẹrù lọ sí ilé titun.

Oríṣi kilorín méjì ló wà níbẹ̀. Ayáyọ́ ni ọkùnrin náà kọ fún èyí tí ń yọ́ sínú omi lójú ẹsẹ̀, ó sì kọ Apẹ́yọ́ fún èyí tí ń yọ́ díẹ̀díẹ̀. Funfun ni àwọn méjèèjì, òórùn wọn jọra, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá da ọ̀kan lé èkejì, tí ọ̀rinrin díẹ̀ bá kàn wọ́n, wọn yóò gbóná lójijì, èéfín olóró yóò jáde, wọ́n sì lè bú.

Onípupa mọ gbogbo èyí, nítorí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí titun náà. Òun ló tọ́ ọmọ náà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ááfábẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ àbúrò náà ni kí ó da àwọn àgbá tí kò kún, tí wọ́n jẹ́ oríṣi kan náà, pọ̀ sínú àgbá ńlá kan, kí ààyè lè gbà wọ́n. Bí àtẹ bá ti wí ni yóò ṣe dà á.

Ẹ̀rọ tí ń ka ìkọ̀wé ló kọ́kọ́ ka àwọn fọ́tò náà, ó sì kà wọ́n dáadáa. Níbi tí ọkùnrin náà ti fa igi kékeré méjì láti fi hàn pé ẹrù yìí rí bákan náà pẹ̀lú ti òkè rẹ̀, ẹ̀rọ fi àpótí sílẹ̀ lófìfo, Kánmọ́ sì fi ọ̀rọ̀ òkè kún òfìfo náà. Èyí tọ́. Ṣùgbọ́n Onípupa a máa gbé àtẹ àti fọ́tò síwájú ara wọn, a sì máa tẹ̀ lé wọn ní ìlà kọ̀ọ̀kan, torí ó mọ̀ pé ẹ̀rọ kì í tijú láti méfò.

Lójú ewé kan, ó bá ìlà méjì tí yíǹkì ti tàn ká bí ẹnu tí ó yà sílẹ̀. Nọ́ńbà àgbá hàn, ọjọ́ hàn, irú ẹrù kò hàn rárá. Ẹ̀rọ ti kọ Ayáyọ́ sí méjèèjì láìṣiyèméjì, nítorí Ayáyọ́ ló yí wọn ká. Onípupa fẹ fọ́tò náà lójú, ó sọ ọ́ di dúdú, ó tún sọ ọ́ di funfun. Kò rí nǹkan kan. Ó wá wo ìsàlẹ̀ ewé, níbi tí olóògbé náà máa ń ka iye oríṣi kọ̀ọ̀kan sí. Apẹ́yọ́ mẹ́rin ni ó kọ síbẹ̀. Mẹ́ta péré ló ṣé kà lójú ewé. A jẹ́ pé ọ̀kan nínú ìlà méjì náà jẹ́ Apẹ́yọ́, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ èwo. Ó kun méjèèjì ní pupa, ó sì kọ sí apá àkíyèsí pé: “Ọ̀kan nínú àgbá méjì yìí yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ṣí i.”

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ yà kí i ní ọjọ́ ìsinmi, Onípupa sọ fún un pé àtẹ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkàn òun balẹ̀, pé àwọn tó kù níbi iṣẹ́ ń bẹ̀rù ìyẹ̀fun náà, òun kò bẹ̀rù.

“Àǹtí mi, ibi tẹ́ ò bá ti kun pupa, mo lè di ojú mi rìn níbẹ̀.”

Onípupa ní kí ó má dijú níbikíbi, kí ó jẹun rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn sí ọ̀rọ̀ náà, ó sì ń rántí rẹ̀ lẹ́yìn tí ó lọ.

Ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí kò fẹ́ràn pupa. Nígbà tí àtẹ dé ọwọ́ rẹ̀, ó pe ọ́fíìsì lórí fóònù, ó ní kọ̀ǹpútà àwọn kì í gba ẹrù tí kò ní irú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àyè fún àkíyèsí kankan nínú rẹ̀. Ọkọ̀ ti wà nílẹ̀, onílé àtijọ́ sì ń lé àwọn jáde. Onípupa dá a lóhùn pé kí ó ya àwọn àgbá pupa sọ́tọ̀, kí ó sì pe onímọ̀ wá. Ọ̀gá ní òun ti gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Onípupa lọ gba awò ojú rẹ̀. Ọ̀gá tún pe ọ́fíìsì nítorí pupa náà, Kánmọ́ ló sì gbé fóònù. Kánmọ́ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn fẹ́ràn kí iṣẹ́ kúrò nílẹ̀ ni. Ó pa gbogbo “KÒ ṢÉ KÀ” rẹ́, àwọn àpótí náà sì di òfìfo. Ó wá pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà bí ó ti máa ń ṣe fún igi kékeré méjì, pé kí ó fi ọ̀rọ̀ òkè kún gbogbo òfìfo. Ó yọ apá àkíyèsí kúrò. Àtẹ náà mọ́ tónítóní, ó sì fi ránṣẹ́.

Nígbà tí Onípupa dé ibi iṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó fi awò titun wo ẹ̀dà tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ó béèrè ibi tí pupa òun wà. Kánmọ́ ní awò náà mà ṣiṣẹ́ o, ó ti wo gbogbo pupa sàn. Onípupa kò rẹ́rìn-ín. Ó ka Ayáyọ́ ojú ewé náà, ó tún un kà; wọ́n fi ọ̀kan ju iye tí olóògbé náà kọ sísàlẹ̀, Apẹ́yọ́ sì dín ọ̀kan.

“Kánmọ́, ta ló sọ fún ọ pé ohun tí mi ò lè kà ni ìwọ lè kà?”

Kánmọ́ ní òun kò kà á. Ó ní kọ̀ǹpútà ló fi kún un.

Onípupa pe àbúrò rẹ̀. Fóònù dún títí, kò sí ẹni tí ó gbé e, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ a máa kó fóònù wọn sínú àpótí lọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé. Ó pe ọ̀gá, ó ní kí wọ́n má da àgbá kankan. Ọ̀gá ní ìpàdé ni òun wà, pé dídà náà di ọ̀sán, pé kí ó fara balẹ̀. Kò fara balẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dá ọkọ̀ dúró.

Lójú ọ̀nà, ó ń bá ara rẹ̀ sọ pé ọmọ náà gbọ́n, pé yóò rí i. Kí ni yóò rí? Funfun lórí funfun. Kí ọkọ̀ tó yà sí àdúgbò náà ni òórùn kan ti wọlé láti ojú fèrèsé, òórùn omi adágún ìwẹ̀, ṣùgbọ́n ó mú bí abẹ. Awakọ̀ yí gíláàsì sókè, kò sì fẹ́ lọ síwájú mọ́. Onípupa sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Èéfín aláwọ̀ ìyeyè ń rọra ṣàn láti abẹ́ ilẹ̀kùn ńlá, kò gòkè, ilẹ̀ ni ó ń rá lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ dúró jìnnà, wọ́n fi aṣọ bo imú. Àbúrò rẹ̀ kò sí láàárín wọn.

Ẹnìkejì àbúrò náà níbi iṣẹ́ ló ròyìn fún un. Ó ní àwọn ti tẹ àtẹ náà sórí bébà, pé òun ní kí àwọn ṣì dúró díẹ̀, pé omi ti wọ inú àwọn àgbá kan. Ó ní àbúrò rẹ̀ wo bébà náà láti òkè dé ilẹ̀, ó sì wí pé:

“Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe é. Kò sí pupa níbẹ̀. Lọ gbé àgbá tó kù wá.”

Ẹnìkejì náà lọ gbé e, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ó wà nínú ilé nígbà tí àgbá ńlá náà bú.

Àwọn panápaná gbé àbúrò náà jáde láàyè. Ó pẹ́ ní ilé ìwòsàn, ó sì padà sílé pẹ̀lú ẹ̀dọ̀fóró tí kò lè gbé e gun àtẹ̀gùn, àti ojú tí kò lè ka ìwé mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń kàwé fún un báyìí. Lọ́jọ́ kan ọmọ náà bi í bóyá ẹ̀gbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló yọ pupa náà. Onípupa ní òun kọ́. Ọmọ náà mi orí, kò sì béèrè mọ́. Kánmọ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ń ta kírẹ́dìtì fóònù. A máa fi owó ránṣẹ́ sí wọn láìkọ orúkọ. Wọ́n gbé ọ̀gá lọ sí ẹ̀ka mìíràn, ó ṣì jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀. Ẹnìkejì náà ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Onípupa ṣì jókòó sí yàrá òkè ilé ìtajà bàtà. Kò jẹ́ kí àtẹ kankan jáde mọ́ àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá fi í ránṣẹ́, àwọn oníbàárà sì ti ń dín kù, nítorí wọ́n ní pupa rẹ̀ ti pọ̀ jù.