Sájẹ́ǹtì Gba Ilé Ìdáná

Láti ìgbà tí Sájẹ́ǹtì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, kò rí ẹni pàṣẹ fún mọ́ àfi ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ̀ obìnrin fẹ́ wá jẹun lọ́dọ̀ wọn, ó gba ilé ìdáná. Ó ní kí ìyàwó òun jókòó, kó má sì la ẹnu àfi tí òun bá bi í ní nǹkan.

Ó ti kà á nínú ìwé ìdáná kan pé lẹ́ńtìlì pupa, ẹ̀wà òyìnbó wẹ́wẹ́ kan, kò nílò rírẹ sómi, bẹ́ẹ̀ náà ni píìsì lílà, ẹ̀wà òyìnbó mìíràn tí wọ́n là sí méjì; ife kan, omi ife mẹ́ta. Òótọ́ sì ni. Ó tún kà á pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni lẹ́ńtìlì fi ń jinná. Ibẹ̀ ló ti pa ìwé dé.

"Òfin kan náà ló de àwọn méjèèjì," ló wí, ó bá dà wọ́n pọ̀ sínú ìkòkò kan.

Nígbà tí àkókò pé, lẹ́ńtìlì ti yọ́ pátápátá, àmọ́ píìsì ṣì le bí òkúta wẹ́wẹ́. Ó dé ìkòkò padà, ó lọ kí àbúrò rẹ̀ tó ti dé sí pálọ̀. Òórùn ìjóná ló pè é padà sí ilé ìdáná: lẹ́ńtìlì ti jóná mọ́dìí ìkòkò, píìsì ò sì tíì jẹ́wọ́.

"Ṣé o mọ̀ pé báyìí ló máa rí?" ló bi ìyàwó rẹ̀.

"Mo mọ̀. Píìsì ló yẹ kó kọ́kọ́ lo bí ìdajì wákàtí lórí iná, kí lẹ́ńtìlì tó wọlé bá a."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ìsinsìnyí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí," ló fèsì, ó sì gbé búrẹ́dì tó ti rà pa mọ́ láti àárọ̀ lọ fún àlejò.