Ilé Keje Kọ́ Ló Mì

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń rán kọ́tìnnì ló kó ẹ̀rù yìí bá mi. Abẹ́rẹ́ là ń pè é, torí ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì máa ń gún èèyàn. A jọ ni ṣọ́ọ̀bù ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, tábìlì gígùn kan tí a fi ń gé aṣọ, fèrèsé kan tó kọjú sí títì. Ó ti pẹ́ tí a ti ń jókòó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn mi sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ mọ ìràwọ̀ kà. Oníbàárà ò ní tíì jókòó tí yóò ti bi í ní ọjọ́ tí wọ́n bí i. Èmi kì í dá sí i. Mi ò kàwé púpọ̀, ohun tí mi ò bá sì mọ̀, mo máa ń jìnnà sí i. Àfi ọjọ́ kan tó yí àga rẹ̀ padà.

"Ìwọ yìí, o ti lé lógójì. O ti wọ Yuránọ́sì."

"Kí ni mo wọ̀?"

"Fọkàn balẹ̀, kì í ṣe bàtà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá ṣàlàyé. Yuránọ́sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ayé tó ń yí oòrùn po, ó jìnnà sí i gan-an, ó ń lò tó ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin kó tó yí i po lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, tí èèyàn bá lé lógójì díẹ̀, Yuránọ́sì á ti dé òdìkejì ibi tó wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí onítọ̀hún. Òun àti ibi tó ti gbéra á wá kọjú síra wọn.

"Ohun tó bá ti há mọ́ èèyàn lọ́rùn, ó máa ń já a," Abẹ́rẹ́ ní. "Ohun tó bá ti jókòó gbagidi, ó máa ń mì í. Gbogbo ẹgbẹ́ wa ló ń gbà á, ó ti dé orí èmi náà. Ṣùgbọ́n ibi tó ti máa mì kálukú ò dọ́gba. Ilé méjìlá ló wà nínú àwòrán ìbí èèyàn. Wákàtí tí wọ́n bí ẹ ló máa sọ ilé tó bọ́ sí."

Mo lọ bi Màmá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ní yàrá ẹ̀yìn. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́.

"Ọ̀sán ni," Màmá ní. "Oòrùn ti kúrò ní àárín orí. Àwọn ọmọ iléèwé ń padà bọ̀, mo ń gbọ́ ariwo wọn bí mo ṣe ń rọbí. Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé o fẹ́ padà wọ inú mi ni?"

Mo sọ ọ́ fún Abẹ́rẹ́ bí Màmá ṣe sọ ọ́. Ọ̀sán, bíi aago méjì. Ó mi orí pé òun gbọ́. Mo rí i tó mi orí.

Ó gbé abọ́ tí a fi ń ṣe àmì sí tìmùtìmù róbótó, ó fi fa òbìrí sórí bébà. Ó fa ilà kan gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó ní ilà yẹn ni ilẹ̀. Apá òsì ni oòrùn ti ń yọ, apá ọ̀tún ló ń wọ̀ sí. Ohun tó bá wà lókè ilà, ojú ń rí i lójú sánmà. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ló wà nígbà yẹn. Ó pín òbìrí náà sí ilé méjìlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilé láti apá òsì, nísàlẹ̀ ilà. Mi ò lóye tán. Mò ń wo ọwọ́ rẹ̀ ni.

"Yuránọ́sì tí wọ́n bí ẹ mọ́ wà nínú àmì ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Àkekèé, ní ilé kìíní. Ilé ìwọ fúnra rẹ nìyẹn. Èyí tó ń rìn lókè báyìí wà nínú Akọ-màlúù, tó dojú kọ ọ́ gan-an. Ilé keje."

"Ta ló ni ilé keje?"

Ó kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà. "Ọkọ."

Mo tún wo bébà náà.

"Kò tán o. Yuránọ́sì ló ni àmì Apọnmi. Ibikíbi tí Apọnmi bá wà, á mì níbẹ̀ pẹ̀lú. Tìrẹ wà ní ilé kẹrin. Ilé tí ò ń sùn nìyẹn. Yuránọ́sì yìí kan náà ló sì ni iná mànàmáná. Iṣẹ́ wo ni ọkọ rẹ ń ṣe?"

Ó mọ̀. Oníṣẹ́ iná ni ọkọ mi. Àkàbà rẹ̀ ló máa ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa.

Abẹ́rẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni Yuránọ́sì yóò dé ojú òdìkejì yẹn. Á kọjá lórí ojú ibẹ̀ láàárín ọdún. Á dà bí ẹni pé ó ń fẹ̀yìn rìn, á padà dé ibẹ̀ bí ọdún bá ń parí lọ. Á tún kọjá ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e. Kì í fẹ̀yìn rìn lóòótọ́, ilẹ̀ ayé wa ló ń sáré ju ú lọ, bí ọkọ̀ tó bá ń ya òmíràn sílẹ̀ ṣe máa ń rí i bíi pé ìyẹn ń padà sẹ́yìn.

"Máa ṣọ́ ọkọ rẹ," ó ní. "Má sọ fún un."

Mo lẹ bébà náà mọ́ inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ mi. Mo sì ń ṣọ́.

Nígbà àkọ́kọ́, ọkọ mi ríṣẹ́ ńlá kan, ó ń pẹ́ dé. Mo ń gbóòórùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo ń tú àpò rẹ̀ wò. Tẹ́sítà tó fi ń dán iná wò ni mò ń bá níbẹ̀, àti téèpù dúdú tó fi ń di wáyà.

"Kí lò ń wá?" ó bi mí lọ́jọ́ kan.

"Kò sí o. Mo fẹ́ fọ̀ ọ́ ni."

"O fọ̀ ọ́ lánàá."

Bí mo bá fẹ́ jáde tẹ̀ lé e, Abẹ́rẹ́ á ní, "Lọ, jàre. Màá bá ẹ gé tìrẹ. Oníbàárà rẹ, oníbàárà mi." Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́, mò ń dúpẹ́ ni o. Nígbà tó yá, mi ò fi bẹ́ẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù mọ́.

Bí ọdún ṣe ń parí lọ, mo dúró sí òdìkejì ilé tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Ó jáde pẹ̀lú obìnrin kan, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Mo kọjá títì, mo pariwo. Mo sọ ohun tí ẹnu mi ò sọ rí. Obìnrin yẹn ni ọ̀gá tó gbé iṣẹ́ fún un. Iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọkọ mi ò lù mí, kò bú mi. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ àti àkàbà, ó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti sọ pé, "Mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún ẹ."

Abẹ́rẹ́ gbá mi mọ́ra nígbà tó gbọ́. "Mo ti sọ fún ẹ," ó ní. "Má tíì wá sí ṣọ́ọ̀bù. Sinmi."

Mo sinmi. Mo kàn ń jókòó sínú ilé ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kí n lè kó ìyókù ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Màmá dúró lẹ́yìn mi.

"Kí ni mèremère tó wà lára ilẹ̀kùn yìí?"

"Èmi ni, Màmá. Bí ojú ọ̀run ṣe rí nígbà tí ẹ bí mi." Mo fi ìka tọ́ka. "Ilẹ̀ nìyí. Òkè ni ohun tí ojú ń rí. Oòrùn nìyí."

Màmá sún mọ́ ọn, ó di ojú kan.

"Kí ló dé tí oòrùn fi wà lábẹ́ ilẹ̀?"

Mo tún fi ìka kan oòrùn náà.

"Ọ̀sán ni mo bí ẹ, mo sọ fún ẹ. Ta ló wá gbé ẹ lọ sí òru?"

Mo já bébà náà, mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rọra ń yí i títí oòrùn fi gòkè, tó kọjá àárín orí, tó rọ díẹ̀ sí apá tó ń wọ̀ sí. Ọ̀sán. Mo wá tún ilé kà láti apá òsì. Àkekèé tí Yuránọ́sì mi wà nínú rẹ̀ kò sí ní ilé kìíní mọ́, ó ti bọ́ sí ilé karùn-ún. Akọ-màlúù tó dojú kọ ọ́ bọ́ sí ilé kọkànlá. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo tún kà á.

Mo mọ ilé kọkànlá. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu Abẹ́rẹ́ níbi tó ti ń kàwòrán fún oníbàárà, lẹ́yìn mi, tí ẹ̀rọ ń kùn. Ilé ọ̀rẹ́ ni. Apọnmi ńkọ́? Ilé kẹjọ. Ohun tí ìwọ àti ẹlòmíràn bá jọ ní.

Ilé keje mi wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́. Yuránọ́sì ò sí níbẹ̀, kò sì dojú kọ ọ́.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo yọjú wo inú láti ojú fèrèsé. Ẹ̀rọ tèmi nìkan ló wà nínú rẹ̀. Tábìlì ti lọ. Aránbàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbójú sókè.

"Ẹ ò mọ̀ ni? Wọ́n ti kó lọ sí òpópónà kejì, ṣọ́ọ̀bù ńlá. Wọ́n ní ẹ ti fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ilé."

Mo bá a níbẹ̀. Ó ń gé aṣọ lórí tábìlì wa. Kò dúró.

"O yí mi sí òru," mo ní.

Síṣọ́ọ̀sì rẹ̀ dé ìparí aṣọ kó tó dáhùn. "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Màmá mi. Ojú kan péré ló fi rí i."

"Màmá gbọ́n." Ó gbé síṣọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Tí mo bá sọ fún ẹ pé ilé ọ̀rẹ́ ni, ta lo máa máa ṣọ́?"

Mo di etí tábìlì wa mú.

"Èmi ni. Ó kan èmi náà, mo sì sọ fún ẹ. Ilé kẹwàá ni tèmi, ilé iṣẹ́. Ó ti sú mi kí n máa rán aṣọ pẹ̀lú ẹ̀yìn ẹlòmíràn lẹ́yìn mi. Mo fẹ́ dá dúró."

"O ò wá lè sọ fún mi? Ọkọ mi lọ, Abẹ́rẹ́."

"Èmi kọ́ ni mo lé e." Ó tún gbé síṣọ́ọ̀sì. "Ìràwọ̀ kì í léni. Àwòrán tí mo fún ẹ, o ti gbà á gbọ́ kí n tó parí rẹ̀."

Ìyẹn ló dùn mí jù, torí apá kan rẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Iwájú ilé kan ni mo ti bá ọkọ mi, ó ń so iná mọ́ òkè ilẹ̀kùn. Mo dúró nísàlẹ̀ àkàbà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìgbé èémí: aago méjì, oòrùn lábẹ́ ilẹ̀, ilé keje tí kì í ṣe keje.

Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó so wáyà kan tán.

"Ọ̀rẹ́ rẹ yí bébà," ó ní níkẹyìn. "Ìwọ lo tú àpò mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó ku ẹ̀ẹ̀kan tí nǹkan yẹn máa kọjá, àbí?"

"Oṣù kẹrin."

"Ta lo máa ṣọ́ nígbà yẹn?"

Mi ò mọ̀. Mo sọ pé mi ò mọ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, mi ò lè purọ́ fún un.

Àkàbà náà mì díẹ̀ bó ṣe ń na ọwọ́ sí wáyà. Ó dúró.

"Dì í mú," ó ní. "Ilẹ̀ ibẹ̀ ò tẹ́jú."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Kò sọ pé òun ń bọ̀ nílé, èmi náà ò béèrè. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ wà lókè orí mi. Mo wo ilẹ̀, mi ò gbójú sókè láti mọ ohun tó ń ṣe.