Ẹ̀yìn Ìbòrí Hidayat

Bí ọmọ iṣẹ́ bá ta kókó òwú sí ẹ̀yìn iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Hadiza ní Pákàtà, aṣọ náà gan-an ni yóò dà bo èjìká, ẹ̀yìn rẹ̀ síta, tí yóò sì fi gba àdúgbò kọjá lọ sílé. Àwọn ọmọ kéwú á tò tẹ̀ lé e. Àwọn obìnrin á jáde sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní kó yí ẹ̀yìn padà káwọn rí i dáadáa.

Àsmá'ù ti rin ìrìn náà títí kò fi ka ìgbà mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń fẹ́: kí Àǹtí Hadiza gbé ọwọ́ lé e lórí níwájú bàbá rẹ̀, kó ní òun ti dá a sílẹ̀. Ọdún tí wọ́n bá bàbá rẹ̀, Mọ́rúfù, dá ti pé tipẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí ìdáǹdè bá ti ń sún mọ́lé, Àǹtí Hadiza á da iṣẹ́ rẹ̀ dé, á fi ìka tọ ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á sì rí nǹkan.

"Kí lèyí? Ẹ̀gúsí lo gbìn síbí ni? Ó di ọdún kan sí i."

Ẹnu Àǹtí Hadiza mú, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́. Òun ló kọ́ wọn pé a kì í fi kókó bẹ̀rẹ̀ òwú lórí aṣọ funfun. Ńṣe lèèyàn á fi ìdí òwú sílẹ̀ lẹ́yìn, kó gùn tó ìka, á fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á máa rán lé e lórí títí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ á fi dì í mú. Bí òwú bá ń tán lọ, á ki abẹ́rẹ́ gba abẹ́ àwọn òwú tó ti rán lẹ́yìn, á fà á lọ, á dá a padà, á wá fi àlùmọ́gàjí gé e súnmọ́ aṣọ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: bí òdòdó kan bá parí, kéèyàn gé òwú níbẹ̀. Kó má fò lọ sí òdòdó kejì, bó ti wù kó súnmọ́ tó, nítorí aṣọ fẹ́lẹ́ kì í bo àṣírí òwú dúdú.

Lọ́dún tí wọ́n yọ Kogí lára Kwara ni Àsmá'ù ṣàkíyèsí nǹkan. Ṣìkẹ́mi, ọmọ iṣẹ́ kejì, táwọn òbí rẹ̀ ń tajà ní Ọ̀fà Garage, ló wá ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ fún Àǹtí Hadiza. Òjò ì báà ṣú, kí ṣọ́ọ̀bù ṣókùnkùn, ọ̀gá wọn á ṣì máa yẹ iṣẹ́ wò láìsún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Àsmá'ù dán an wò. Ó rán ìnujú kan láìta kókó, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí òwú pupa fò láti igun dé igun. Àǹtí Hadiza tọ̀ ọ́ wò.

"Ìwọ náà ń di èèyàn," ló wí.

Ó wá yé Àsmá'ù. Obìnrin yìí ò ríran mọ́! Ìka rẹ̀ ló ń bá a wòye. Ìdí tí kò fi fẹ́ jẹ́ kí òun lọ nìyẹn: ojú ẹlòmíràn ló fi ń jẹun. Ó lè sọ fún un. Ó lè bá a pa á mọ́. Ó rántí àwọn ọmọ kéwú tó ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì pinnu pé lójú gbogbo ayé ni àṣírí náà yóò tú.

Ìbòrí wólímọ̀ Hidayat ni Àǹtí Hadiza fi ṣe iṣẹ́ àṣejáde Àsmá'ù. Ìyàwó tuntun ni Hidayat. Ìbòrí náà ni yóò dà borí bó bá jókòó ka Àlùkùránì níwájú gbogbo ẹbí. Aṣọ funfun ni, ó fẹ́lẹ́ bí èéfín, òdòdó aláró wẹ́wẹ́ ni wọ́n sì fẹ́ káàkiri rẹ̀.

Àsmá'ù rán an láìsí kókó kankan. Ṣùgbọ́n láti òdòdó dé òdòdó ló fa òwú aró kọjá lẹ́yìn, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ó sì fà á le kó má baà tú sókè. Ó wá fi sítáàṣì sí i, ó lọ̀ ọ́ títí òwú fi lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ó di ojú, ó fi ìka tọ̀ ọ́. Ìka rẹ̀ ò kan nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ ìdáǹdè, bàbá rẹ̀ wọ agbádá. Ìyá Hidayat náà wá gba ìbòrí ọmọ rẹ̀. Àǹtí Hadiza tẹ́ ẹ sórí itan, ó tọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti etí dé etí.

"Kò sí kókó," ló wí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Mọ́rúfù, mo ti gbìyànjú láti rí àléébù, mi ò rí. Àsmá'ù, mo dá ọ sílẹ̀. Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí ọwọ́ rẹ."

"Àmín," ni gbogbo wọn dáhùn.

Ìyá Hidayat gbé ìbòrí náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà.

"Áà! Hadiza! Aṣọ yìí ní iṣan ni?"

"Iṣan báwo?"

"Òwú aró ló kún ẹ̀yìn rẹ̀ yìí! Wò ó!"

"Níbo?" Àǹtí Hadiza na ìka. Ibi tó funfun báláú ló fi lé.

"Ibẹ̀ kọ́. Ibí."

"Ibí?" Ó tún ṣì í.

Ṣìkẹ́mi fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Hidayat ju ọwọ́ sí iwájú ojú Àǹtí Hadiza, ojú náà ò sì ṣẹ́. Gbogbo nǹkan tí Àsmá'ù ti fi ọ̀pọ̀ oṣù rò ló ń ṣẹlẹ̀ yìí, ó sì dùn mọ́ ọn ju oyin lọ.

"Wólímọ̀ ti dé tán," Ìyá Hidayat ń lọgun. "A ò lè gé àwọn òwú yìí kúrò ni?"

Ìbéèrè iṣẹ́ ni, Àsmá'ù sì fẹ́ kí bàbá òun gbọ́ bí òun ti gbọ́n tó. "Kò ṣeé gé, mà. Bẹ́ẹ bá gé e láàárín, ìdí rẹ̀ ò ní gùn tó èyí tá a lè kì bọ abẹ́ òdòdó. Bẹ́ẹ bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, òdòdó á tú. Ó yẹ ká ti parí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan látìbẹ̀rẹ̀ ni."

"O mọ̀ bẹ́ẹ̀?" Mọ́rúfù ló béèrè.

Ìgbà náà ni Àsmá'ù tó gbọ́ ohun tí ẹnu òun fúnra rẹ̀ sọ.

"Ó mọ̀," ni Àǹtí Hadiza wí. "Èmi ni mo kọ́ ọ. Ìyá Hidayat, èmi ló fẹ́ dójú tì. Ìbòrí ọmọ yín ló fi ṣe é."

Ìyá Hidayat yí sí Àsmá'ù. "Ìnujú ọmọ tuntun pàápàá, mi ò ní gbé e fún ọ láéláé. Gbogbo ìyá ìyàwó tó wà ní Ìlọrin ni yóò sì gbọ́ ọ lẹ́nu mi." Ó ju ìbòrí náà padà sí itan Àǹtí Hadiza, ó jáde.

Àǹtí Hadiza dìde, ó ń nawọ́ síwájú títí ó fi kan èjìká Àsmá'ù. Ó da ìbòrí náà bò ó. Ó wá dúró, ìka rẹ̀ ń rìn lórí aṣọ tí sítáàṣì ti mú jọ̀lọ̀, kò mọ ìhà tó jẹ́.

"Ẹ̀yìn ló wà níta yìí, àbí ojú?" ló béèrè pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀.

Àsmá'ù wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti ká agbádá lé èjìká, ó ti ń lọ, kò dúró dè é.

"Ojú ni, mà," ló wí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i padà, ẹ̀yìn rẹ̀ síta.

Ní ìta, àwọn ọmọ kéwú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde.